Lẹ́tà Ìwáṣẹ́ Ẹnjiníà Tó Di Atúmọ̀ Èdè: Bí Ẹ Ṣe Máa Kọ Ọ́ sí Ẹ̀ka Èdè Iléeṣẹ́ Tó Ń Ṣe Ẹ̀rọ

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ẹnjiníà tó ti di atúmọ̀ èdè máa ń bi mí: kí ló dé tí mo kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn? Bí mo bá ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí lẹ́tà náà, ọ̀kan nínú ohun méjì ni mo máa ń bá níbẹ̀. Ó lè jẹ́ lẹ́tà ẹnjiníà, tí wọ́n kàn fi “mo tún gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé” dé e lórí. Ó sì lè jẹ́ lẹ́tà atúmọ̀ èdè, tí sàtífíkéètì ìmọ̀ ẹ̀rọ wá jókòó sí ìpínrọ̀ ìkẹyìn bí àlejò tí kò mọ ẹnì kankan nílé. Ẹni tó ń ka lẹ́tà ní ẹ̀ka èdè kò wá èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹni tí ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ ń yí ohun tó kọ padà ló ń wá, lẹ́tà yín sì gbọ́dọ̀ fi ibì kan hàn án, ibì kan ṣoṣo, tí ìyẹn ti ṣẹlẹ̀.

Àbúrò kan ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni. Faransé ló fi kàwé láti kékeré, ó gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó fi ọdún 3 tọ́jú pọ́ọ̀ǹpù omi, lẹ́yìn náà ó fi ọdún 4 túmọ̀ ìwé ìlò ẹ̀rọ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé. Iléeṣẹ́ tó ń kọ̀wé sí ń ṣe pọ́ọ̀ǹpù, ó sì ń tà á ní Yúróòpù àti Áfíríkà. Faransé ló fi kọ lẹ́tà náà. Yorùbá ni màá fi sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ níhìn-ín.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan

Ẹ tẹ ìpolówó iṣẹ́ náà jáde sórí bébà, kí ẹ lè fi bírò fa ìlà sí i. Ẹ wá ìwé ìlò ẹ̀rọ kan tí iléeṣẹ́ náà ṣe, ní èdè méjèèjì tí ẹ fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ló wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì wọn. Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo iṣẹ́ ìtumọ̀ tí ẹ ti ṣe: ọdún wo, irú ẹ̀rọ wo, ọ̀rọ̀ mélòó, láti èdè wo sí èdè wo, ètò kọ̀ǹpútà wo lẹ lò. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìwé àdéhùn tí ẹ bọwọ́ lù pẹ̀lú àwọn oníbàárà yín jáde, kí ẹ ka ohun tó sọ nípa àṣírí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí: wọ́n máa ń so iṣẹ́ oníbàárà kan mọ́ lẹ́tà láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Ojú ẹsẹ̀ ni ẹni tó ń kà á máa mọ̀ pé ìwé tiwọn náà lè bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ lọ́la.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* bí ẹ bá ní ìpolówó, ìwé ìlò ní èdè méjì, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àti àdéhùn lójú kan náà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé ìlò bá ṣì kù, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìpele 1: Ẹ mọ èdè tí ìtumọ̀ ti ń bọ̀ àti èdè tó ń lọ sí

Ọ̀pọ̀ wa gbọ́ èdè mẹ́ta tàbí mẹ́rin, a sì máa ń fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, èdè tí ẹ ń túmọ̀ sí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ̀ka èdè máa ń fẹ́ kí èèyàn túmọ̀ sí èdè tí ó lè kọ láìsí àṣìṣe, ìyẹn èyí tó fi kàwé tó sì fi ń ronú ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Fún àbúrò wa, Faransé ni. Ẹni tó kàwé ní Ìbàdàn tàbí Èkó, Gẹ̀ẹ́sì ni tirẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ẹ ń túmọ̀ sí ibi méjèèjì lọ́gbọọgba, ẹni tó ń kà á á rò pé ẹ kò tíì mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ.

Nǹkan kan wà tí ìpolówó lè má sọ, ṣùgbọ́n ìwé ìlò wọn á sọ ọ́. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lórí ẹ̀rọ, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2006/42, sọ pé ìwé ìlò gbọ́dọ̀ wà ní èdè orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ náà, kí a sì kọ ọ́ sára rẹ̀ bóyá òun ni ìwé àkọ́kọ́ tàbí ìtumọ̀. Òfin tuntun, 2023/1230, ló máa rọ́pò rẹ̀ láti ọjọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2027. Nítorí náà, ẹ wo ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé Faransé wọn. Bí ẹ bá rí `Notice originale`, Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí `Traduction de la notice originale`, ìtumọ̀ ni. Ẹ wá wo ti Gẹ̀ẹ́sì bákan náà. Bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì pàápàá bá pe ara rẹ̀ ní ìtumọ̀, ó ṣeé ṣe kí èdè Jámánì tàbí Ítálì ni wọ́n fi ń kọ ìwé ní iléeṣẹ́ yẹn, kí ó sì jẹ́ pé ìtumọ̀ lẹ ó máa túmọ̀. Ó dára kí ẹ mọ ìyẹn kí ẹ tó kọ lẹ́tà, nítorí ìbéèrè tí wọ́n lè bi yín lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ kọ gbólóhùn kan: “Mo ń túmọ̀ láti … sí ….” Bí orúkọ èdè tó kẹ́yìn bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìpele yìí.

Ìpele 2: Ẹ wá ibì kan tí ẹ̀rọ ti ràn yín lọ́wọ́ láti túmọ̀

Ìpele yìí ni ọkàn lẹ́tà náà, ẹ má kánjú kúrò níbẹ̀. Ẹ jókòó ti àkọsílẹ̀ iṣẹ́ yín, kí ẹ rántí ibi tí ìwé èdè kan fi yín sí àárín ọ̀nà méjì, tó fi jẹ́ pé ohun tí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ ló yanjú rẹ̀. Ìwé atúmọ̀ kò yanjú rẹ̀, gírámà kò sì yanjú rẹ̀.

Ẹ wo ti àbúrò wa. Fáàfù ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, `valve`, fún ohun tí Faransé pín sí ọ̀nà bíi mélòó kan. Fáàfù tí èèyàn ń fi ọwọ́ tì láti dá omi dúró nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tú pọ́ọ̀ǹpù, `vanne` ni. Èyí tó ń ṣí fúnra rẹ̀ bí ìfúnpá bá ti pọ̀ jù kí páìpù má baà bẹ́, `soupape` ni. Èyí tó ń jẹ́ kí omi lọ síwájú ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kó padà sẹ́yìn, `clapet` ni. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ tí fáàfù náà ń ṣe lára ẹ̀rọ kò lè mọ èyí tó yẹ kó kọ.

Ìyẹn nìkan kọ́. Fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà yìí, `check valve` ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. `Check` kan náà sì ni ọ̀rọ̀ àṣẹ tó túmọ̀ sí “ẹ yẹ̀ ẹ́ wò”. Nínú ìwé tí àbúrò wa túmọ̀, tábìlì kan wà fún àìsàn pọ́ọ̀ǹpù: òpó àkọ́kọ́ jẹ́ ohun tí ènìyàn rí, èkejì jẹ́ ohun tó fà á, ẹ̀kẹta jẹ́ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Nínú òpó kejì, ó rí `Check valve leaks`. Nínú òpó kẹta tábìlì kan náà, ó rí `Check valve`. Ẹni tó túmọ̀ ìwé náà ṣáájú rẹ̀ ti kọ “ẹ yẹ fáàfù wò” sí òpó méjèèjì, bẹ́ẹ̀ òpó kejì kì í pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni, ohun tó fa àìsàn ló ń sọ: fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn ń jò.

Báwo ló ṣe mọ̀? Ohun tí ènìyàn rí, gẹ́gẹ́ bí òpó àkọ́kọ́ ṣe wí, ni pé pọ́ọ̀ǹpù ń yí sẹ́yìn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa á. Ó ti fojú ara rẹ̀ rí i nígbà tó ń tọ́jú pọ́ọ̀ǹpù. Bí wọ́n bá pa pọ́ọ̀ǹpù, omi tó ti gun páìpù lọ sókè máa ń fẹ́ padà wálẹ̀. Bí ìdọ̀tí bá há sí ẹnu fáàfù yẹn, kò ní lè padé, omi á sì ya padà sínú pọ́ọ̀ǹpù, á máa yí i sẹ́yìn. Nítorí náà kò lè jẹ́ fáàfù mìíràn. Ó kọ `clapet anti-retour` sí òpó kejì. Fún òpó kẹta, ó kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ oníbàárà bóyá fáàfù kan náà ni wọ́n ní lọ́kàn, wọ́n dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì kọ “ẹ yẹ `clapet` náà wò” ní Faransé.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ gùn tó báyìí ni pé irú nǹkan báyìí ni mo fẹ́ kí ẹ wá rí lọ́dọ̀ ara yín. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa agbára tí a fi ń dé nọ́ọ̀tì, tàbí nípa ìfúnpá tí ẹnikẹ́ni kò sọ bóyá ti afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Kí ó ṣáà jẹ́ ohun tí ẹ ṣe ní ti gidi.

Ìkìlọ̀ méjì ló wà níbí. Àkọ́kọ́, ẹ má fi àṣìṣe tí ẹ rí nínú ìwé iléeṣẹ́ tí ẹ ń kọ̀wé sí ṣe àpẹẹrẹ. Mo mọ̀ pé ó wuni. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó túmọ̀ ibẹ̀ ló ń ka lẹ́tà yín, ẹ kò sì mọ ohun tí wọ́n sọ fún un lọ́jọ́ náà. Ìwé wọn wà fún yín láti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Èkejì, ẹ yọ orúkọ oníbàárà, irú àwòṣe ẹ̀rọ àti gbólóhùn gígùn kúrò nínú àpẹẹrẹ yín. “Ìwé ìlò pọ́ọ̀ǹpù omi kan” ti tó.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ sọ ìtàn náà fún ẹni tí kì í ṣe ẹnjiníà, láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá lè sọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ká ní ẹ túmọ̀ rẹ̀ lọ́nà kejì, àpẹẹrẹ yín dára. Fún ti àbúrò wa, ẹni náà á máa yẹ fáàfù tí a ń fọwọ́ tì wò látàárọ̀ dalẹ́, pọ́ọ̀ǹpù á sì máa yí sẹ́yìn.

Ìpele 3: Ẹ kọ ìpínrọ̀ àárín kí ẹ tó kọ ti ìbẹ̀rẹ̀

Bí a bá kọ́kọ́ kọ ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán la máa ń kọ. Ìpínrọ̀ àárín tí àbúrò wa kọ́kọ́ mú wá fún mi nìyí:

> Mo jẹ́ ẹnjiníà tó gboyè, mo sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé dáadáa. Ìfẹ́ èdè ti wà lọ́kàn mi láti kékeré. Mo jẹ́ aláápọn, mo máa ń fi ara balẹ̀, mo sì lè bá èèyàn ṣiṣẹ́ pọ̀.

Kò sí irọ́ kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹlòmíràn kò lè kọ. Lẹ́yìn ìpele kejì, ó tún un kọ báyìí:

> Nínú ìwé ìlò pọ́ọ̀ǹpù kan tí mo túmọ̀, `check valve` jẹ́ orúkọ ohun èlò ní òpó kan, ó sì lè jẹ́ àṣẹ ní òpó tó tẹ̀ lé e. Ìtumọ̀ àtijọ́ sọ méjèèjì di àṣẹ. Nítorí pé mo ti tú irú fáàfù bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́, mo mọ̀ pé òun nìkan ló lè mú kí pọ́ọ̀ǹpù yí sẹ́yìn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa á, mo sì kọ `clapet anti-retour`. Mo béèrè nípa òpó tó tẹ̀ lé e náà, mo tún ìtumọ̀ àtijọ́ náà ṣe, mo sì fi ọ̀rọ̀ náà kún àkójọ ọ̀rọ̀ oníbàárà pẹ̀lú àlàyé ìlà kan.

Ẹ ṣàkíyèsí gbólóhùn tó kẹ́yìn. Ẹnjiníà tó yanjú ìṣòro fún ara rẹ̀ nìkan kò tíì ṣe iṣẹ́ ẹ̀ka èdè tán. Àwọn tó wà níbẹ̀ pọ̀, ìtumọ̀ tí ẹnì kan kọ lónìí ni kọ̀ǹpútà á gbé síwájú ẹlòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀, pẹ̀lú àṣìṣe rẹ̀ bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ẹni tó béèrè, tó tún ti àtijọ́ ṣe, tó sì kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó kù ni wọ́n ń wá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ka ìpínrọ̀ náà, kí ẹ fi orúkọ iṣẹ́ mìíràn rọ́pò tiyín, bóyá nọ́ọ̀sì tàbí agbẹjọ́rò. Bí ó bá ṣì ṣeé kà, ẹ tún un kọ.

Ìpele 4: Ẹ sọ ẹ̀tọ́ yín sí iṣẹ́ náà ní gbólóhùn méjì

Ẹnjiníà tí kò ní oyè nínú ìtumọ̀ máa ń tọrọ àforíjì nínú lẹ́tà. Ẹ má ṣe é. Ìlànà àgbáyé fún iṣẹ́ ìtumọ̀, `ISO 17100`, tó jáde ní 2015, gba ọ̀nà mẹ́ta láti fi hàn pé ènìyàn tó atúmọ̀ èdè ṣe: oyè nínú ìtumọ̀; tàbí oyè nínú ẹ̀kọ́ mìíràn pẹ̀lú ìrírí ìtumọ̀ tó tó ọdún 2 iṣẹ́ àkókò kíkún; tàbí ìrírí ọdún 5 irú bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kejì ni tiyín. Àwọn tó ń ṣe ìtumọ̀ fún títà ni wọ́n kọ ìlànà náà fún, kì í sì í ṣe gbogbo iléeṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní ẹ̀ka èdè mọ̀ ọ́n.

Ṣíṣe ìṣirò ọdún ló máa ń dojú rú. Bí ẹ bá ń túmọ̀ fún ìdajì ọjọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ ṣì ń ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà, ọdún 4 irú rẹ̀ ló jẹ́ ọdún 2. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Àbúrò wa kọ ọ́ pé: “Mo gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, mo sì ti fi ọdún 4 ṣe ìtumọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo ń ṣe. Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wà nínú síífí mi.” Ó tán. Lórí ìdí tó fi kúrò nídìí ẹ̀rọ, gbólóhùn kan péré ló kọ, kò ṣàròyé ọ̀gá àtijọ́, kò sì sọ owó: òun ló máa ń ka ìwé ìlò Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn mẹkáníìkì tó ń gbọ́ Faransé, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú ìpínrọ̀ yìí gbọ́dọ̀ bá ti síífí mu, lọ́dún àti lóṣù.

Ìpele 5: Ìbẹ̀rẹ̀, ìparí àti gígùn

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ iṣẹ́ náà, nọ́ńbà ìpolówó, àti láti èdè wo sí èdè wo. Gbólóhùn kan tàbí méjì. Ẹ parí pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ mọ̀ nínú àwọn tí ìpolówó dárúkọ, yálà `Trados Studio` tàbí `memoQ`, àti pé ẹ ṣe tán láti ṣe ìdánwò. Bí ẹ kò bá mọ èyí tí wọ́n dárúkọ, ẹ sọ èyí tí ẹ mọ̀, nítorí ọjọ́ kan péré ni irọ́ máa fi tú. Gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ, bí ọ̀rọ̀ 300 sí 350.

Ìpele 6: Ẹ ka lẹ́tà náà bí ẹni tó ń ṣàtúnyẹ̀wò ìtumọ̀

Lẹ́tà yìí ni ìdánwò àkọ́kọ́, wọn ò kàn sọ fún yín ni. Ẹni tó ń kà á máa ń fi ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ wá àṣìṣe nínú ìwé, kò sì lè pa ojú yẹn tì nígbà tó bá dé orí tiyín.

Èmi fúnra mi jìyà rẹ̀ nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbà. Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ìkìlọ̀ máa ń ní ìpele: `DANGER` fún ohun tó máa pa ènìyàn tàbí ṣe é léṣe gidi bí kò bá yẹra, `WARNING` fún èyí tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, `CAUTION` fún èyí tó lè fa ọgbẹ́ kékeré. Mo kọ `ATTENTION` sí gbogbo ibi tí `WARNING` wà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dùn létí mi. Bẹ́ẹ̀ `AVERTISSEMENT` ló yẹ kí n kọ. `ATTENTION` ni ti `CAUTION`. Ohun tó lè pa ènìyàn, mo ti sọ ọ́ di ohun tó lè gé e lọ́wọ́ díẹ̀. Ẹni tó ṣàtúnyẹ̀wò dá gbogbo rẹ̀ padà fún mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní. Láti ìgbà náà, n kì í fi ohunkóhun ránṣẹ́ láìjẹ́ pé mo ti ka ọ̀rọ̀ kéékèèké inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nínú lẹ́tà, nọ́ńbà ni ọ̀rọ̀ kéékèèké wọ̀nyẹn. Faransé a máa fi àmì kọ́mà sí ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi àmì ìdúró sí: `0,5 bar`, kì í ṣe `0.5 bar`. Ẹgbẹ̀rún ń gba àlàfo: `120 000 mots`. Àlàfo tún wà láàárín nọ́ńbà àti ìwọ̀n rẹ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi ń kọ̀wé, ẹ yan ti Ìlú Ọba tàbí ti Amẹ́ríkà, ẹ má po wọ́n pọ̀. Èyí tí ìwé ìlò wọn ń lò ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà náà sùn mọ́jú. Ní ọjọ́ kejì, ẹ kà á sókè láti gbólóhùn ìkẹyìn padà sí àkọ́kọ́, kí ojú má baà máa fò. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹnì kan tó fi èdè náà kàwé kó bá yín kà á. Ní ẹ̀ka èdè, ẹnì kejì a máa ka iṣẹ́ kó tó jáde. Kò sí ìdí tí lẹ́tà yín ò fi ní gba ọ̀nà kan náà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* bí ẹnì kejì bá rí ju àṣìṣe méjì lọ, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì fún ẹnì kẹta.

Ìpele 7: Fífi í ránṣẹ́

Ẹ sọ ọ́ di `PDF`. Orúkọ fáìlì gbọ́dọ̀ gbé orúkọ yín, èdè méjèèjì àti nọ́ńbà ìpolówó, kí ó má baà sọnù láàárín ogójì fáìlì tí gbogbo wọn ń jẹ́ `Lettre.pdf`. Ẹ ṣí i lórí fóònù kí ẹ tó fi í ránṣẹ́, nítorí àmì orí ọ̀rọ̀ a máa bàjẹ́ nígbà mìíràn.

Bí wọ́n bá dáhùn, ìdánwò kúkúrú ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé. Ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó fọwọ́ kan án: ta ló máa ka ìwé náà, mẹkáníìkì tàbí oníbàárà, ṣé àkójọ ọ̀rọ̀ wà tí ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, ṣé ẹ lè rí àwòrán ẹ̀rọ náà. Àbúrò wa béèrè àwòrán, wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Fáàfù méjì wà nínú rẹ̀ tí ìwé náà ń pe ní orúkọ kan ṣoṣo.